Bí A Ti Í Kọ Ìwé Ẹjọ́ Ẹni Tí Ń Pẹ́ Dé Ibi Iṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ ìwé ẹjọ́ kan wò. Obìnrin kan tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìlọrin níbí ni ó kọ ọ́, ó sì ní kí n bá òun tún un ṣe kí ó tó dé ọ́fíìsì tí ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ohun tí ó kọ nìyí:

"Ojoojúmọ́ ni ọkùnrin yìí ń pẹ́. Ọ̀lẹ ni, kò sì ka ẹnikẹ́ni sí. Ọjà Ìpàtà ni ó ń kọ́kọ́ lọ. Èmi ni mo ń jìyà rẹ̀."

Inú ń bí i, ó sì ní ìdí. Ṣùgbọ́n Òfin Iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ ka pípẹ́ lemọ́lemọ́ mọ́ ìwà àìtọ́, ó sì ní kí a kọ ẹ̀sùn náà fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, kí òun náà sì fi ìwé fèsì. Èyí ni àwa òṣìṣẹ́ ń pè ní kúẹ̀rì. Nítorí náà gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ni ọkùnrin náà yóò fèsì sí. Bí ó bá fi hàn pé òun tètè dé lọ́jọ́ kan péré, "ojoojúmọ́" ti di irọ́, wọn ó sì máa wo ìyókù tìfura-tìfura. "Ọ̀lẹ" jẹ́ ìdájọ́. Ojú kì í rí i. Mo bi í nípa ọjà náà pé, "Àǹtí, ṣé ẹ rí i níbẹ̀?" Ó ní wọ́n sọ fún òun ni. Mo fa igi lé e.

A wá jókòó ti ìwé kékeré tí ó ń kọ àkókò sí. Mi ò gbára lé ìwé tí òṣìṣẹ́ ń fọwọ́ sí láàárọ̀ nìkan, nítorí ẹni tí ó dé ní aago 8:10 lè kọ 7:40 síbẹ̀. Bí méjèèjì kò bá bára mu, kí a kọ méjèèjì sílẹ̀, kí a má pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́. Ìwé tuntun náà kà báyìí:

"Aago 7:45 ni ẹ̀kọ́ kìíní ń bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ 6 sí 17 oṣù Karùn-ún 2024, ọjọ́ iṣẹ́ 10, mo rí olùkọ́ kíláàsì 5B tí ó dé ní 8:10 lọ́jọ́ 7, 8:20 lọ́jọ́ 9, 8:15 lọ́jọ́ 14 àti 8:25 lọ́jọ́ 16. Ó dé lákòókò ní ọjọ́ 6 yòókù. Lọ́jọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èmi ni mo dúró ti kíláàsì rẹ̀, tèmi sì wà láìní olùkọ́ fún wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 10 lápapọ̀. Mo bá a sọ ọ́ lọ́jọ́ 9. Mo bẹ̀ yín kí ẹ sọ ẹni tí yóò máa dúró ti kíláàsì náà."

Àǹtí kò fẹ́ kí a kọ ọjọ́ 6 tí ó tètè dé. Mo ní àwọn ni yóò jẹ́ kí wọ́n gba mẹ́rin yòókù gbọ́.

Ìgbà tí a tò ó tán ni a tó rí i pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí ni ó ń dá a dúró lọ́jọ́ méjì yẹn? A kò kọ ohun tí a rò. A fi í sílẹ̀ kí ọ́fíìsì bi í.