Nígbà Tí Fóònù Di Kóló

Ọmọ àbúrò mi kan ń kàwé gboyè máásítà ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí bí àwọn òǹtajà wẹ́wẹ́ ṣe ń lo owó orí fóònù nínú ọjà Bódìjà. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó gbé orí kejì ìwé rẹ̀ wá bá mi. Alábòójútó rẹ̀ ti fi bírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ojú ewé àkọ́kọ́ pé: "Mo ti rí ohun tí o kà. Kí ni o wá rí níbẹ̀?"

Orí kejì yẹn ni akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń yẹ iṣẹ́ àwọn tó ti ṣèwádìí ṣáájú rẹ̀ wò. Ohun tí ọmọ yìí ṣe ni pé ó fún òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan ní ìpínrọ̀ kan. Jack àti Suri sọ báyìí. Morawczynski ní tòun báyìí. Riley náà tún sọ báyìí. Ó dà bí ìgbà tí alága ìjókòó ń ka orúkọ àwọn tó wá síbi ìnáwó, tí kò sì sọ bóyá ìgbéyàwó ni àbí òkú àgbà. Mo kà á dé ojú ewé kẹsàn-án, mi ò tíì mọ̀ bóyá fóònù ṣe alátẹ lóore tàbí kò ṣe é.

Mo ní kó mú kádíbọ́ọ̀dù kan, kó fa ilà sí i. Àwọn ìwádìí á tò sí ẹ̀gbẹ́ òsì láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwọn ìbéèrè á sì wà lókè. Kì í ṣe "kí ni wọ́n sọ?" ni ìbéèrè tí mo ní kó kọ́kọ́ kọ, torí ìyẹn ló sọ ọ́ sínú wàhálà tó wà. Mo ní kó kọ ọ́ pé: ta ni wọ́n wádìí? Irú owó wo ni? Kí ni wọ́n fi wé kí ni? Ó wo ojú mi bí ẹni pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe é níyà, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́.

Kẹ́ńyà la ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwádìí ti wá. Oṣù kẹta ọdún 2007 ni ilé iṣẹ́ Safaricom gbé M-Pesa jáde níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò, ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé káwọn tó yá owó kéékèèké máa fi fóònù san gbèsè wọn padà. Àwọn èèyàn ní tiwọn rí i pé àwọn lè fi owó ránṣẹ́ sílé, wọ́n sì sọ ọ́ di ohun tí wọ́n fẹ́.

Ìwádìí tí Jack àti Suri gbé jáde ní 2014 wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí àjálù bá dé bá ìdílé kan, bí àìsàn tàbí kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Nínú ilé tí wọn kò ti lo M-Pesa, ohun tí wọ́n ń jẹ àti ohun tí wọ́n ń ná máa ń dínkù ní nǹkan bí ìdá 7 nínú 100. Nínú ilé tí wọ́n ti ń lò ó, kò dínkù. Ìdí rẹ̀ ni pé owó tètè ń wá láti ọ̀dọ̀ ẹbí àti ọ̀rẹ́ tó jìnnà, kò sì ná wọn lówó púpọ̀ láti fi í ránṣẹ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn: níbí, fóònù mú ẹbí sún mọ́ni.

Ọmọ yìí wá yí ojú sí Ùgáńdà. Ìwádìí tí Emma Riley gbé jáde ní 2024 bá nǹkan bí 3,000 obìnrin ṣe, gbogbo wọn ń yá owó òwò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ BRAC. Wọ́n fi ìbò pín wọn sí mẹ́ta. Àwọn ìpín kan gba owó wọn lọ́wọ́ bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ìpín kejì náà gba tiwọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣí àpò owó lórí fóònù fún wọn, èyí tó wà fún òwò nìkan. Ti ìpín kẹta, orí irú àpò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n san owó tí wọ́n yá sí tààrà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, owó tí ìpín kẹta ní nínú òwò fi ìdá 11 nínú 100 ju ti àwọn tó gba owó lọ́wọ́, èrè wọn sì fi ìdá 15 jù ú lọ. Àpò tí wọ́n kàn ṣí fún ìpín kejì kò mú irú àyípadà bẹ́ẹ̀ wá. Àwọn obìnrin tí ará ilé ń fúngun mọ́ pé kí wọ́n mú owó wá ló sì jàǹfààní jù.

Ọmọ náà gbé bírò sílẹ̀. "Àǹtí, àwọn yìí ń ta ko ara wọn o. Jack àti Suri ní ó dáa torí owó ẹbí ń wọlé. Riley ní ó dáa torí owó kì í bọ́ sọ́wọ́ ẹbí."

Mo rẹ́rìn-ín, torí orí kejì rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Níbi tí iṣẹ́ méjì bá ti dà bí ẹni ń jà, tí a bá fara balẹ̀ wò ó, a ó rí i pé kì í ṣe ohun kan náà ni wọ́n ń wọ̀n. Àwọn ẹbí inú iṣẹ́ Jack àti Suri jìnnà, ọjọ́ ìṣòro ni owó wọn ń dé, oúnjẹ àti ìnáwó ilé ni wọ́n sì wọ̀n. Àwọn ẹbí ti Riley wà nínú ilé kan náà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń tọrọ, owó òwò ni wọ́n sì wọ̀n. Fóònù kan náà lè ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó wà lókèèrè, kó sì tì í mọ́ ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni. Ohun tó ń pinnu rẹ̀ ni ẹni tó mọ̀ pé owó wà níbẹ̀.

A wá fa òpó kẹrin sí kádíbọ́ọ̀dù náà: ta ló rí owó náà? Bí a ti fà á tán ni àwọn iṣẹ́ yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sípò. Morawczynski gbé láàárín àwọn èèyàn ní Kibera ní ìlú Nairobi, ó sì tún lọ sí abúlé Bukura, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nínú iṣẹ́ tó gbé jáde ní 2009, ó rí àwọn obìnrin tó ń tọ́jú owó pamọ́ fún ọkọ wọn sórí M-Pesa. Ó tún gbọ́ ẹ̀dùn àwọn ìyàwó abúlé pé ọkọ tó ń fi fóònù fi owó ránṣẹ́ lè má wá sílé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Òǹkà ò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú irú iṣẹ́ yìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan sì máa ń rò pé kò lágbára tó. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìdá 15 ti Riley sọ fún wa pé nǹkan ṣẹlẹ̀, àmọ́ obìnrin tó ń fi fóònù pa mọ́ fọ́kọ ló sọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀.

Èyí tó yà á lẹ́nu jù ni iṣẹ́ Dupas àti Robinson tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013, torí fóònù ò sí nínú rẹ̀ rárá. Ó ti fẹ́ yọ ọ́ kúrò. Ìwọ̀ oòrùn Kẹ́ńyà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, kí M-Pesa tó dé. Wọ́n bá àwọn obìnrin ọlọ́jà àtàwọn ọkùnrin tó ń fi kẹ̀kẹ́ ológeere gbé èrò ṣí àpò owó ní báǹkì abúlé. Báǹkì náà kì í san èlé, ó sì ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gba owó rẹ̀ jáde. Síbẹ̀, àwọn obìnrin ọjà tọ́jú owó sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, owó tí wọ́n ń fi sínú òwò sì pọ̀ sí i. Ti àwọn ọkùnrin ológeere kò yí padà. Ta ni yóò san owó kó lè rí ibi tọ́jú owó ara rẹ̀ sí, bí kì í bá ṣe ẹni tí owó kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Alájọ wa nílé náà ń gba owó ọjọ́ kan lórí oṣù, àwọn èèyàn sì ń san án. Mo ní kó má yọ ọ́. Òun ló jẹ́ ká mọ̀ pé ibi ìpamọ́ ló ṣiṣẹ́, fóònù sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi ìpamọ́ náà.

Ìpínrọ̀ tó jáde níkẹyìn, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Ó lọ báyìí:

"Àwọn ìwádìí kò fohùn ṣọ̀kan lórí bóyá owó orí fóònù ń mú ẹbí sún mọ́ oníṣòwò tàbí ó ń lé wọn sẹ́yìn. Ibi tí àríyànjiyàn náà ti wá ni ẹni tó lè rí owó náà. Níbi tí ẹbí ti jìnnà, tí ìṣòro sì dé, fóònù ń gbé ìrànlọ́wọ́ wọlé (Jack àti Suri, 2014). Níbi tí ẹbí ti wà nínú ilé, ó ń fi owó òwò pamọ́ (Morawczynski, 2009, Riley, 2024), gẹ́gẹ́ bí báǹkì abúlé náà ti ṣe fún àwọn obìnrin ọjà (Dupas àti Robinson, 2013). Àmọ́ àpò òfìfo kò tó: nínú iṣẹ́ Riley, ìgbà tí owó gba orí fóònù wọlé ni àǹfààní hàn."

Ìwádìí mẹ́rin wọnú ìpínrọ̀ kan, ọ̀kan kò sì jókòó lásán. Ẹ wò ó pé orúkọ òǹkọ̀wé ti kúrò níwájú gbólóhùn, ó ti lọ sínú àkámọ́ lẹ́yìn. Àmì kékeré kan nìyẹn tí mo fi ń mọ̀ bóyá akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ronú: kí n wo ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn rẹ̀.

Ìṣòro kan kù, òun náà sì lè ba iṣẹ́ jẹ́. Suri àti Jack tún gbé iṣẹ́ kan jáde ní 2016, tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń dárúkọ. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé M-Pesa mú ìdílé 194,000 kúrò nínú ìṣẹ́, àti pé nǹkan bí 185,000 obìnrin ló sọ òwò di iṣẹ́ gidi wọn dípò oko. Ọmọ yìí ti kọ ọ́ pé "wọ́n wádìí 185,000 oníṣòwò." Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdílé ni wọ́n wádìí. Wọ́n fi àdúgbò tí àwọn aṣojú M-Pesa ti pọ̀ sí i wé ibi tí wọn ò ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, wọ́n wá ṣírò iye náà fún gbogbo orílẹ̀-èdè.

Kẹ́ńyà kì í sì í ṣe Bódìjà. Lọ́hùn-ún, ilé iṣẹ́ fóònù ló ń darí owó náà. Nílé wa, ìlànà tí Báǹkì Àpapọ̀ gbé jáde ní 2009 kò fún àwọn ilé iṣẹ́ fóònù láyè láti darí rẹ̀. Ọdún 2018 ni wọ́n ṣí ọ̀nà mìíràn sílẹ̀, MTN àti Airtel sì gba ìwé àṣẹ tiwọn ní 2022. Kí wọ́n tó dé, àwọn ilé iṣẹ́ bí OPay àti àwọn oní-pí-ó-ẹ́ẹ̀sì ti gba ojú ọjà. Ìyá tó ń ta tòmátì ní Bódìjà máa ń ní kí oníbàárà fi tiránsífà ránṣẹ́, yóò sì ké sí ọmọ rẹ̀ pé kó bá òun wò ó bóyá àlẹ́ẹ̀tì ti wọlé. Ọmọ mọ iye tó wọlé. Ẹni tó ta ata ní ìsọ̀ kejì gbọ́ ọ. Ṣé irú owó bẹ́ẹ̀ ṣì wà nípamọ́? Nínú gbogbo ìwádìí tó wà lórí kádíbọ́ọ̀dù wa, kò sí èyí tó béèrè ìyẹn lọ́wọ́ aláta tàbí onítòmátì ní Bódìjà. Àlàfo tí iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ dí nìyẹn, ó sì jáde láti inú òpó kẹrin.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó lọ sọ́jà láti dán ìbéèrè rẹ̀ wò. Ó bi ìyá kan tó ń ta gààrí pé, "Mà, ta ló mọ iye tó wà lórí fóònù yín?" Ìyá náà bojú wẹ̀yìn, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀: "Fóònù wo? Ṣé èyí tó wà lórí àtẹ yìí, àbí èyí tó wà lábẹ́ ìró mi?"