Ṣé O Mọ̀? Mátíríìsì Tí Apá Rẹ̀ Méjèèjì Bára Dọ́gba

Ṣé o mọ̀ pé mátíríìsì tó ń yí ọ̀pọ̀ fẹ́kítọ̀ kúrò lójú ọ̀nà wọn lè wà tí kò ní lè yí àwọn kan? Mú A = [[2, 1], [1, 2]]. Bí A bá ṣiṣẹ́ lórí (1, 0), á di (2, 1): ó ti yà kúrò níbi tó kọjú sí. Ṣùgbọ́n (1, 1) á di (3, 3): ibi tó kọjú sí kò yí padà, gígùn rẹ̀ ló di ìlọ́po mẹ́ta. Ní ti (1, −1), bó ṣe wà náà ló ṣe máa wà. Irú wọn là ń pè ní fẹ́kítọ̀ àbùdá. 3 àti 1 ni iye àbùdá wọn.

Ṣé o mọ̀ pé igun 90 dígírì ló wà láàárín fẹ́kítọ̀ méjèèjì yìí? Yẹ̀ ẹ́ wò: 1×1 + 1×(−1) = 0. Kì í ṣe èèṣì. Bí ìgbà tí díńgí wà lórí ìlà tó ti igun òkè lápá òsì lọ sí igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún ni nọ́ńbà inú A ṣe rí. Ìdí nìyí tí Ax·y fi máa ń bá x·Ay dọ́gba, fẹ́kítọ̀ yòówù kí x àti y jẹ́. Wàyí o, jẹ́ kí iye àbùdá x jẹ́ 3, kí ti y jẹ́ 1. Apá kan á fún wa ní 3(x·y), apá kejì á fún wa ní x·y. Nọ́ńbà wo ni ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ bá òun fúnra rẹ̀ dọ́gba? Òfo nìkan ni.

Ṣé o mọ ìdí tí iye àbùdá irú mátíríìsì bẹ́ẹ̀ kì í fi í jẹ́ nọ́ńbà àfinúrò? Fún [[a, b], [b, d]], ohun tó wà lábẹ́ àmì √ nígbà tí a bá ń wá iye àbùdá ni (a − d)² + 4b². Kò sí bí èyí ṣe lè kéré sí òfo bí a, b àti d bá jẹ́ nọ́ńbà gidi, torí náà i kò ríbi wọlé. Ní ọdún 1829, Augustin-Louis Cauchy fi hàn pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí bó ti wù kí mátíríìsì náà tóbi tó. Ó tan mọ́ ìṣírò bí ọ̀nà àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ṣe ń yí díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀rúndún dé ọ̀rúndún.

Ṣé o mọ̀ pé kí iye àbùdá jẹ́ nọ́ńbà gidi nìkan kò tó? Ti [[2, 1], [0, 1]] jẹ́ 2 àti 1, nọ́ńbà gidi sì ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n fẹ́kítọ̀ àbùdá rẹ̀, (1, 0) àti (1, −1), igun 45 dígírì ló wà láàárín wọn. Apá méjèèjì tí kò bára dọ́gba ló fà á.

Ṣé o mọ̀ pé ohun tí tíọ́rẹ́mù sípẹ́kítírà sọ gan-an ni pé, bí mátíríìsì tí apá rẹ̀ bára dọ́gba bá ní ìlà n, a ó rí fẹ́kítọ̀ àbùdá n tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà ní igun 90 dígírì sí àwọn yòókù? Bí iye àbùdá kan bá tilẹ̀ wáyé lẹ́ẹ̀mejì, a ṣì lè ṣa méjì tó ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn tó ní iye yẹn. Wo èrè rẹ̀: ìdajì (1, 1) àti ìdajì (1, −1) ló para pọ̀ di (1, 0). Bí A bá ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ nígbà mẹ́wàá, ìdajì àkọ́kọ́ nìkan ló máa gba 3¹⁰, ìyẹn 59049. Àròpọ̀ wọn jẹ́ (29525, 29524), a kò sì ṣe ìsọdipúpọ̀ mátíríìsì kankan.

Ṣé o mọ̀ pé kọ̀ǹpútà lè fún ọ ní èsì tó mọ́ lójú, kí ó sì jẹ́ irọ́? Nínú `numpy`, `eigh` wà fún mátíríìsì tí apá rẹ̀ bára dọ́gba, ṣùgbọ́n kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Bí o kò bá sọ fún un pé kí ó ṣe ohun mìíràn, apá ìsàlẹ̀ nìkan ló ń kà.

```python
import numpy as np
R = np.array([[0., -1.], [1., 0.]])
print(np.linalg.eigh(R)[0])
print(np.allclose(R, R.T))
```

R ń yí gbogbo fẹ́kítọ̀ ní 90 dígírì. Iye àbùdá rẹ̀ ni i àti −i. Síbẹ̀, −1 àti 1 ni `eigh` máa kọ jáde, torí ó ti gbà pé 1 tó wà nísàlẹ̀ náà ló wà lókè. Ìlà tó gbẹ̀yìn ló máa tú àṣírí: `False`. Òun ló yẹ kí o kọ́kọ́ ṣe, kí o tó pe `eigh`.