Ife mẹ́rin, kafé kan náà: wàrà mélòó ló wà nínú rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ọjà la gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ ìlera sì wà nínú ẹ̀ díẹ̀.

Tí oṣù kẹjọ bá ti dé, ẹ mọ bí èrò ṣe máa ń rọ́ lọ síbi ihò àpáta Màríà ní Àrígbò. Àwọn kan ti Kútọnu wá, àwọn kan ti Àjàṣẹ́ wá, àwọn mìíràn sì ti òkè òkun dé. Ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ tán tí wọ́n á ti máa wá kafé. Kafé tí àwa ń tà lẹ́bàá títì ni èyí tí a fi omi gbígbóná po, tí a wá da wàrà agolo dídùn lé. Àmọ́ àwọn àlejò kan á ní àwọn fẹ́ láté, ẹlòmíì á ní kapushínò, ẹlòmíì fúláàtì wáìtì, ẹlòmíì amẹ́ríkánò. Ọ̀kan nínú yín bi wá pé: ṣé a lè ta gbogbo wọn ní iye kan? Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nínú ife kọ̀ọ̀kan, ìdáhùn á jáde fúnra rẹ̀.

Ìyá kan náà ló bí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Orúkọ rẹ̀ ni ẹsipírẹ́sò. Kafé lílọ̀ tó kúnná ni, bíi gíráàmù 8, tí ẹ̀rọ fi agbára ti omi gbígbóná gba inú rẹ̀ kọjá fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 25 sí 30. Ohun tó ń jáde kéré, ó ki, ó dúdú: bíi mìlílítà 30 péré. Ẹ fọ agolo tòmátò kékeré yẹn dáadáa, èyí tó jẹ́ gíráàmù 70. Ẹsipírẹ́sò kan ò tó ìdajì rẹ̀. Tó bá yára ṣàn jáde jù, á ṣàn bí omi, á sì kan. Tó bá pẹ́ jù, á korò.

Ó ku ohun tí a ó bù lé e.

Amẹ́ríkánò ló rọrùn jù. Ẹsipírẹ́sò kan tàbí méjì ni, a sì da omi gbígbóná sí i, bíi mìlílítà 100 sí 120. Kò sí wàrà nínú ẹ̀ rárá. Tí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ amẹ́ríkánò, ẹ má sáré ṣí agolo wàrà o.

Kapushínò ni ẹsipírẹ́sò kan pẹ̀lú wàrà mìlílítà 100, ìyẹn bí agolo tòmátò kan àti ààbọ̀. Ooru ẹ̀rọ la fi ń fẹ́ wàrà náà títí á fi hó. Ìhó yìí gbọ́dọ̀ ki, kó ga tó ìbú ìka kan lójú ife. Ìhó ló ń jẹ́ kí ife kún, kì í ṣe pé wàrà pọ̀ nínú ẹ̀.

Láté yàtọ̀. Lédè Ítálì, wàrà lásán ni orúkọ yẹn túmọ̀ sí. Bí ẹ bá béèrè láté nìkan lọ́hùn-ún, ife wàrà ni wọ́n á gbé fún yín. Ẹsipírẹ́sò kan ni a ń da wàrà bíi mìlílítà 200 sí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó agolo mẹ́ta, ìhó tó wà lókè rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Ìdí nìyẹn tí ife rẹ̀ fi tóbi, tí kafé inú rẹ̀ ò sì le lẹ́nu.

Fúláàtì wáìtì ló máa ń tan ènìyàn jẹ. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Ọsirélíà àti Niu Síláǹdì ló ti wá, títí dòní ni àwọn méjèèjì sì ń jiyàn ta ló kọ́kọ́ ṣe é. Ife rẹ̀ kéré, àmọ́ ẹsipírẹ́sò méjì ló wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú wàrà bíi mìlílítà 120 tí ìhó rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ rí i pé ife kékeré yìí le ju ife ńlá láté lọ ní ìlọ́po méjì. Tí aboyún bá fẹ́ mu kafé, kó má fi bí ife ṣe tóbi tó wọ̀n ọ́n. Iye ẹsipírẹ́sò ni kó béèrè.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní lítà wàrà kan jẹ́ 1,000 fàráǹkì, kílò kafé lílọ̀ sì jẹ́ 5,000. Kílò kan á fún wa ní ẹsipírẹ́sò 125, ìyẹn 40 fàráǹkì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lítà wàrà kan á ṣe láté 5, tàbí fúláàtì wáìtì 8, tàbí kapushínò 10. Nítorí náà:

Amẹ́ríkánò oní-kafé-kan ná wa ní 40 fàráǹkì.
Kapushínò: 40 àti 100, ó jẹ́ 140.
Fúláàtì wáìtì: 80 àti 120, ó jẹ́ 200.
Láté: 40 àti 200, ó jẹ́ 240.

A ò tíì ka ṣúgà, iná àti ife mọ́ ọn. Ká ní ẹ ta gbogbo wọn ní 300. Èrè 260 wà lórí amẹ́ríkánò, àmọ́ 60 péré ló kù lórí láté. Tó bá jẹ́ pé láté ni gbogbo èrò ń béèrè, wàrà á tán ní ọ̀sán, èrè yín á sì kéré. Ẹ fi iye tí ẹ ń rà á lọ́jà yín rọ́pò tèmi, kí ẹ tún un ṣírò.

Ẹ̀yin tí ẹ ò ní ẹ̀rọ, ẹ lè po kafé ẹtù tó ki, síbí kékeré kan sínú omi ìdajì agolo, kí ẹ sì fi ohun tí a fi ń po ẹyin na wàrà gbígbóná títí á fi hó. Kì í ṣe ẹsipírẹ́sò gan-an, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà, àmọ́ òṣùwọ̀n wàrà ò yí padà.

Ọ̀rọ̀ ìlera tó kẹ́yìn nìyí, ó sì kan ẹni tó ń ra wàrà tútù lọ́wọ́ àwọn Fúlàní. Wàrà kafé kì í gbóná ju bíi dígírì 65 lọ, ìgbà díẹ̀ ló sì ń lò níbẹ̀. Tó bá kọjá 70, á rùn bíi pé ó jó, ìhó rẹ̀ á sì wó lulẹ̀. Ooru ìgbà díẹ̀ yẹn ò tó pa kòkòrò àrùn inú wàrà tútù, bí ikọ́ ẹ̀gbẹ ara màlúù. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ se wàrà náà títí á fi hó sókè, ẹ bò ó, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tó mú un wá síbi kafé. Wàrà tí ẹ sè tán, kó má ju wákàtí méjì lọ níta nínú ooru wa yìí. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ẹ ti fẹ́ ẹ, ẹ dà á nù. Ẹ má tún un gbóná fún ẹlòmíì.

Iṣẹ́ ẹgbẹ́ yín fún ọ̀sẹ̀ yìí: ẹ fi agolo tòmátò wọn ife tí ẹ ń lò báyìí. Agolo mélòó ló gbà? Wàrà inú ẹ̀ ńkọ́? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ mú un wá. Ó dìgbà o.