Ọkọ̀ ni àbí Oko? Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí fọ́tò kí ẹ̀rọ tó dáhùn

Ká ní awakọ̀ kan ní ibùdókọ̀ kan nílùú Ọ̀yọ́ fi ọ̀dà dúdú kọ ỌKỌ̀ ÒGBÓMỌ̀ṢỌ́ sára pátákó funfun, kí èrò má baà ṣèèṣì wọ ti Ìbàdàn. Ẹnìkan ya fọ́tò gbogbo ibùdókọ̀ náà, ó gbé e fún ẹ̀rọ èdè, irú èyí tó ń dáhùn ìbéèrè lórí fóònù, ó sì ní kó ka ohun tó wà lára pátákó. Ẹ̀rọ náà lè sọ pé OKO OGBOMOSO ló rí. Ọkọ̀ di oko. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní ẹ̀rọ ò gbọ́ Yorùbá ni. Ìyẹn lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n lójú tèmi, èdè kọ́ ni ká kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Àmì abẹ́ lẹ́tà ti lè pòórá kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú rárá.

Nọ́ńbà ni fọ́tò inú fóònù láti ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá ní písẹ́lì 4,000 ní ìbú àti 3,000 ní òró, mílíọ̀nù 12 ni gbogbo wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà mẹ́ta, láti 0 dé 255, fún àwọ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Ẹ jẹ́ ká fi LLaVA-1.5 tó jáde lọ́dún 2023 ṣe àpẹẹrẹ, torí àwọn tó ṣe é kò fi bó ṣe ń ṣiṣẹ́ pamọ́. Ohun àkọ́kọ́ tó ń ṣe ni pé ó ń dín fọ́tò kù kó lè wọ inú àpótí 336 sí 336. Písẹ́lì 4,000 di 336, ìyẹn ni pé nǹkan bíi méjìlá ti para pọ̀ di ẹyọ kan. Ẹ wá wo pátákó wa. Ká ní lẹ́tà rẹ̀ ga tó písẹ́lì 120 nínú fọ́tò, tí àmì abẹ́ rẹ̀ sì tó 12. Lẹ́yìn tí fọ́tò bá kéré tán, lẹ́tà ku mẹ́wàá, èèyàn ṣì lè mọ̀ ọ́n. Àmì ku ẹyọ kan ṣoṣo, tí dúdú rẹ̀ sì sábà máa ń dà pọ̀ mọ́ funfun pátákó di eérú.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gé àwòrán kékeré yẹn sí ègé 576, mẹ́rìnlélógún ní ìbú, mẹ́rìnlélógún ní òró. Ègé kọ̀ọ̀kan jẹ́ písẹ́lì 14 sí 14, nọ́ńbà 588. Ẹ̀rọ mìíràn tó ń jẹ́ CLIP ló ń gbà wọ́n. Ó ń fi ipò ègé kọ̀ọ̀kan kún un, ó sì ń jẹ́ kí àwọn ègé máa wo ara wọn, kí èyí tó gbé ìdajì K lè mọ̀ pé ìdajì kejì wà lọ́dọ̀ aládùúgbò rẹ̀. Nígbà tó bá parí, nọ́ńbà 1,024 ló dúró fún ègé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á tún yí i sí 4,096, nítorí iye nọ́ńbà tí ẹ̀rọ èdè tó kéré jù nínú LLaVA ń lò fún ègé ọ̀rọ̀ kan nìyẹn. Láti ibẹ̀ lọ, àwọn ègé fọ́tò àti ọ̀rọ̀ inú ìbéèrè jọ tò sórí ìlà kan náà. Ẹ̀rọ èdè kò padà lọ wo fọ́tò mọ́.

Ibi tí CLIP ti kọ́ iṣẹ́ tún dá kún un. Lọ́dún 2021 ni OpenAI gbé e jáde, wọ́n sì fi mílíọ̀nù 400 àwòrán, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ tó bá a rìn, kọ́ ọ, kí nọ́ńbà àwòrán lè súnmọ́ nọ́ńbà ọ̀rọ̀ tó bá a mu. Ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábẹ́ àwòrán ọkọ̀ kò ní ìdí kan láti ka àmì abẹ́ lẹ́tà sí. Ohun tí kò sí lẹ́nu olùkọ́, ta ni yóò fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́?

Àwọn kan á sọ pé ẹ̀rọ tó gbọ́n lè fi òye dá àmì padà, torí ta ló ń kọ oko sára pátákó ibùdókọ̀? Òótọ́ ni, ó lè ṣe é. Ṣùgbọ́n àbá ló dá, kò rí i. Bí ẹni tó kọ pátákó kò bá fi àmì kankan sí i (ọ̀pọ̀ wọn kì í kúkú fi sí i), ẹ̀rọ kan náà lè fi àmì síbẹ̀ fún un, kí ẹni tó ń kà á rò pé bẹ́ẹ̀ ló wà. Àwọn mìíràn á ní àwọn ẹ̀rọ tuntun ń gé fọ́tò sí apá bíi mélòó kan kí wọ́n tó dín in kù, Qwen2-VL ti ọdún 2024 sì ń gba fọ́tò bó ṣe tóbi tó. Ìyẹn náà jóòótọ́, ó sì ti dín ìṣòro yìí kù gan-an. Síbẹ̀ gbogbo wọn ló ní iye ègé tí wọn kì í kọjá, fọ́tò tí a fi Wátsáàpù ránṣẹ́ sì lè ti kéré kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Bí a ṣe lè mọ ibi tí ẹ̀bi wà kò le. Ẹ gé fọ́tò náà lórí fóònù kó ku pátákó nìkan, kẹ́ ẹ tún gbé e sókè. Bí pátákó bá gba 1,000 písẹ́lì ní ìbú, mẹ́ta péré ló ń di ẹyọ kan báyìí, àmì tó jẹ́ 12 á sì ku mẹ́rin. Bí ìdáhùn bá yí padà di ỌKỌ̀, dídín kù ló pa àmì. Bí kò bá yí padà, tí àmì sì hàn kedere lójú ẹ̀yin fúnra yín, a jẹ́ pé ẹ̀rọ náà ni kò mọ̀ ọ́n kà.