Ìtàn Lo Sọ, O Ò Tíì Tú U Palẹ̀

Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan tó wà ní kíláàsì àgbà girama kọ àyẹ̀wò ìwé lórí Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní 1970. Ojú ewé méjì gbáko ni, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ máàkì mẹ́jọ nínú ogún ni tíṣà fún un. Bàbá rẹ̀ gbé e wá bá mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó, ibo ló ti ṣì í?" Mo kà á tán, n kò rí ibi tó ti ṣì í. Àìdá tíṣà lẹ́bi ló kù.

Ẹ wo díẹ̀ nínú ohun tó kọ: "Olówó ni Ẹfúnṣetán ní Ìbàdàn. Ó ṣòfin pé ẹrú òun kankan kò gbọdọ̀ lóyún. Lẹ́yìn náà ni Adétutù lóyún. Inú bí Ẹfúnṣetán, ó sì ní kí wọ́n pa á. Nígbà tó yá, Látóòsà kó ogun tì í."

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n tíṣà náà ti ka ìwé ọ̀hún, ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ohun tó ń wá ni èrò ọmọ náà lórí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní Adétutù kò lóyún, a ó ṣí ìwé, àríyànjiyàn parí. Ìtúpalẹ̀ kò ṣeé parí báyẹn. Ẹni méjì tó ka ìwé kan náà lè takò ara wọn lórí rẹ̀, kí oníkálukú sì mú ẹ̀rí wá láti inú ìwé. Ẹ tún wo àwọn ọ̀rọ̀ tó so gbólóhùn rẹ̀ pọ̀: "lẹ́yìn náà", "nígbà tó yá". Àkókò ló ń ti ọ̀rọ̀ náà síwájú. Kò sí "nítorí" kan ṣoṣo níbẹ̀.

Mo sọ èyí fún ọmọ náà, ló bá ní, "Ṣùgbọ́n mo kọ ẹ̀kọ́ inú ìwé sí ìparí, sà." Lóòótọ́, ó kọ ọ́: kí á má ṣe hùwà ìkà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ń ṣubú sí, mo sì rò pé àwa tíṣà la fà á. Gbólóhùn yẹn bá gbogbo ìwé tí òṣìkà wà nínú rẹ̀ mu. Bí o bá lè ṣí ọ̀rọ̀ rẹ kúrò lórí ìwé kan lọ sórí òmíràn láì yí nǹkan kan padà, o kò tíì sọ nǹkan nípa ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ. Bákan náà ni "òǹkọ̀wé lo òwe púpọ̀". Èwo nínú àwọn òwe náà? Ta ló pa á, fún ta ni, kí ló fi ṣe?

A wá mú òfin oyún yẹn. Mo bi í pé, nínú gbogbo ohun tí olówó lè fi ni ẹrú lára, kí ló dé tó jẹ́ oyún? Ó ronú, ó ní, "Kò ní ọmọ láyé." Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó kọ nìyí: "Ẹfúnṣetán kò ní ọmọ, nítorí náà ni òfin rẹ̀ ṣe dá lórí oyún. Ohun tó ń dun òun fúnra rẹ̀ ló sọ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹlòmíràn, ìdí nìyẹn tí ẹ̀bẹ̀ kò fi wọ̀ ọ́ létí nígbà tí Adétutù lóyún." Ẹ kíyè sí i pé ìtàn ṣì wà níbẹ̀, nítorí kò sí bí a ṣe lè tú ohun tí a kò dárúkọ palẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tí èrò náà nílò fún ẹ̀rí ni.

Ìparí eré náà ló dùn mọ́ mi jù. Nínú ìtàn Ìbàdàn, wọ́n pa Ìyálóde yìí ni, ní 1874. Nínú eré Ìṣọ̀lá, òun fúnra rẹ̀ ló gbé májèlé jẹ. Òǹkọ̀wé mọ̀ọ́mọ̀ yí i padà ni, ibi tí òǹkọ̀wé bá sì ti yan ọ̀nà kan sílẹ̀ fún òmíràn ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró sí. Ọmọ náà kọ ọ́ pé ọwọ́ Ẹfúnṣetán ni Ìṣọ̀lá fi àṣẹ sí títí dé òpin: obìnrin tó ti ń pàṣẹ ikú fún ẹrú kò jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ òun di ẹrú.

Bàbá rẹ̀ ka èyí, ó ní òun kò gbà. Ó ní ìtìjú ló pa á, kì í ṣe àṣẹ kankan. Ọmọ náà ti ń ṣí ìwé wá ojú ewé tó kẹ́yìn.