Oríṣi Àìríṣẹ́ṣe Mẹ́ta

Àìríṣẹ́ṣe ni ipò ẹni tí kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́, tí ó ń wá iṣẹ́, tí ó sì ṣetán láti bẹ̀rẹ̀ bí ó bá rí i. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé pín in sí mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ohun tó fà á: ti àárín iṣẹ́, ti ìgbékalẹ̀ àti ti ìyípo. Ìbéèrè méjì ni a fi ń dá wọn mọ̀: ṣé iṣẹ́ wà, ṣé ẹni tí ń wá a sì mọ̀ ọ́n ṣe?

Ti àárín iṣẹ́

Olùkọ́ ìṣirò kan fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn nítorí pé ìdílé rẹ̀ kó lọ sí Abẹ́òkúta. Àwọn ilé-ìwé kan níbẹ̀ ń wá olùkọ́ ìṣirò, òun náà sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ pé àyè wà, kí ó kọ̀wé, kí wọ́n sì fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù tí èyí gbà ni àìríṣẹ́ṣe rẹ̀. Irú èyí máa ń wà kódà nígbà tí ọrọ̀-ajé bá dára.

Ti ìgbékalẹ̀

Níbí, iṣẹ́ wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ẹni náà mọ̀ ọ́n ṣe. Àpẹẹrẹ ni ẹni tí ń fọ fótò láti inú fíìmù. Nígbà tí kámẹ́rà tí kò lo fíìmù àti fóònù gbòde, àwọn oníbàárà rẹ̀ dáwọ́ dúró, wọn kò sì ní padà wá mọ́. Bí kò bá kọ́ iṣẹ́ mìíràn, ipò náà lè pẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ti ìyípo

Èyí ń wáyé nígbà tí ìnáwó bá dín kù káàkiri orílẹ̀-èdè. Láàárín ọdún 2014 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016, owó àgbá epo rọ̀bì kan já láti orí ohun tó lé ní 100 dọ́là sí ìsàlẹ̀ 30 dọ́là. Ọrọ̀-ajé Nàìjíríà sì sún kì ní nǹkan bí ìdá 1.6 nínú 100 ní ọdún 2016. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, àwọn tí ń kọ́lé a dá iṣẹ́ dúró, bíríkìlà a sì jókòó sílé. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wúlò síbẹ̀; owó tí a ó fi gbà á ni kò sí.

Ìyàtọ̀ nínú àtúnṣe

Bí ìjọba bá náwó sí iṣẹ́ ilé àti ọ̀nà, bíríkìlà yóò padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n afọfótò kò ní rí nǹkan kan gbà níbẹ̀. Bí ìjọba bá dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ sílẹ̀, afọfótò ni yóò jàǹfààní. Bíríkìlà kò ṣaláìmọṣẹ́. Ìròyìn kíákíá nípa ibi tí àyè wà ni olùkọ́ nílò.

Ààlà wọn kì í fi ìgbà gbogbo hàn kedere. Bí ọrọ̀-ajé bá dẹnu kọlẹ̀ pẹ́, tí ọ̀nà ìkọ́lé sì yí padà kí bíríkìlà tó padà síṣẹ́, àìríṣẹ́ṣe ti ìyípo lè di ti ìgbékalẹ̀.