Ó Pẹ́, Ó sì Dára: Ìràwọ̀ Mélòó Ló Tọ́ sí I?

Ìwé àlọ́ kan ni mo kọ fún àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ojú ìwé 64, mo sì fẹ́ kó wà lórí àtẹ kí iléèwé tó wọlé nínú Oṣù Kẹsàn-án. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gba iṣẹ́ lórí Upwork ni mo gbé e fún pé kó bá mi to ojú ìwé rẹ̀. Ọjọ́ 31 Oṣù Keje la fi àdéhùn sí. Ọjọ́ 11 Oṣù Kẹjọ ló fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Tìbínútìbínú ni mo fi ṣí i, àmọ́ nígbà tí mo fi máa ka ojú ìwé mẹ́wàá, ìbínú náà ò mọ ibi tó máa jókòó sí mọ́.

Ẹni tó bá ti gbé ìwé Yorùbá lọ síbi ìtẹ̀wé rí á mọ ìdí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní ẹ àti ọ tó ní àmì lábẹ́ gẹ́gẹ́ bí odindi lẹ́tà. Ṣùgbọ́n bí a bá tún fẹ́ gbé àmì ohùn lé wọn lórí, kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo tó ní méjèèjì pọ̀ nínú ètò Unicode; ńṣe ni wọ́n ń mú àmì ohùn wá lọ́tọ̀, tí wọ́n á gbé e lé lẹ́tà náà lórí. Fọ́ǹtì tí wọn ò ṣe dáadáa á ju àmì náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí kó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Ọmọkùnrin yìí wá fọ́ǹtì tó gbé àmì ró dáadáa, ó sì dì í mọ́ inú fáìlì PDF kí ó má bàa dàrú lọ́dọ̀ atẹ̀wé. Mo ṣí ojú ìwé 12 bó ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo sì fi wọ́n wé àfọwọ́kọ mi lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Àṣìṣe méjì péré ni mo rí. Ó tún wọn ṣe lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ó wá ku ìràwọ̀. Tí oníbàárà bá ti pa iṣẹ́ dé lórí Upwork, wọ́n á ní kó fi ìràwọ̀ kan sí márùn-ún dá oníṣẹ́ lóhùn lórí nǹkan mẹ́fà: ìmọ̀ iṣẹ́, bí iṣẹ́ ṣe dára tó, bó ṣe wà lárọ̀ọ́wọ́tó, títẹ̀ lé àkókò, bó ṣe ń báni sọ̀rọ̀, àti bó ṣe fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Ìkànnì á ṣírò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀ di iye kan tí gbogbo ayé á máa rí. Ọjọ́ 14 ni wọ́n fún tọ̀túntòsì láti kọ tiwọn, ẹnì kankan ò sì ní rí ohun tí ẹnì kejì kọ títí àwọn méjèèjì á fi kọ tán, tàbí tí ọjọ́ náà á fi pé.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn mi ni pé kí n fi mẹ́ta-mẹ́ta sí gbogbo rẹ̀. Àbúrò mi obìnrin ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fún un ní márùn-ún-márùn-ún jàre, ẹ ò ríṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni?" Mo rò ó títí, mo rí i pé irọ́ ni méjèèjì. Bí mo bá fi mẹ́ta sí ìmọ̀ iṣẹ́, mo ti sọ fún akọ̀wé míì pé ọmọ yìí ò mọ àmì ohùn tò, bẹ́ẹ̀ mi ò rí ẹni tó mọ̀ ọ́n tò tó o. Bí mo bá sì fi márùn-ún sí àkókò, ẹni tó ní ọjọ́ kan pàtó tó ń lé á gba ẹ̀rí mi gbọ́, ọjọ́ náà á sì kọjá mọ́ ọn lórí.

Mo bá mú ìwé ìránṣẹ́ wa jáde, mo sì pín ọjọ́ 11 náà. Ibi tí ìdájọ́ gidi wà nìyẹn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í dé. Ọjọ́ 10 Oṣù Keje ni mo ṣèlérí pé màá fi àfọwọ́kọ ránṣẹ́. Ọjọ́ 14 ni mo fi í ránṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin, tèmi ni. Ní ọjọ́ 25, mo yí ìparí àlọ́ méjì padà. Ẹni tí kì í ṣiṣẹ́ yìí á rò pé kékeré ni, àmọ́ tí gbólóhùn mẹ́ta bá wọ ojú ìwé kan, àwòrán tó wà níbẹ̀ á sún, ojú ìwé tó tẹ̀ lé e náà á sún. Ó gbà á ní ọjọ́ méjì, tèmi náà sì ni. Ọjọ́ márùn-ún tó kù, tirẹ̀ ni: ó gba iṣẹ́ ẹlòmíràn mọ́ tèmi. Ohun tó sì dùn mí jù nínú rẹ̀ ni pé ní ọjọ́ 30 mo béèrè bóyá ọ̀la ló máa dé, kò dáhùn. Ọjọ́ 2 Oṣù Kẹjọ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀wé: "Ẹ má bínú, mà, ó máa pẹ́ díẹ̀."

Lẹ́yìn ìyẹn, mo wo ohun tí pípẹ́ náà bà jẹ́. Télọ̀ tó pẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, tí òde ò tíì kọjá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti èyí tó gbé aṣọ dé lọ́jọ́ kejì òde. Ààyè mi bọ́ lọ́dọ̀ atẹ̀wé, mo sì tò sẹ́yìn àwọn míì fún ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ìwé dé kí iléèwé tó wọlé. Ká ní kò dé ni, méjì ni mi ò bá fi sí àkókò, iṣẹ́ tó dára yẹn ò sì ní yí i padà.

Bí mo ṣe fi sí i nìyí. Ìmọ̀ iṣẹ́, dídára, àrọ́wọ́tó àti ìfọwọ́sowọ́pọ̀, márùn-ún-márùn-ún. Àkókò, mẹ́ta. Ìbánisọ̀rọ̀, mẹ́rin, nítorí ìdákẹ́jẹ́ ọjọ́ 30 yẹn. Mi ò tún fìyà pípẹ́ jẹ ẹ́ lábẹ́ àrọ́wọ́tó tàbí ìfọwọ́sowọ́pọ̀: ẹ̀ṣẹ̀ kan, ìyà kan. Ìdákẹ́jẹ́ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀, torí ó lè pẹ́ kó sì sọ fúnni tẹ́lẹ̀. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mẹ́rin àbọ̀.

Ìràwọ̀ nìkan ò tó, nítorí mẹ́ta ò lè sọ pé èmi náà pẹ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà pé. Pé iṣẹ́ fi ọjọ́ 11 pẹ́, mẹ́fà nínú rẹ̀ jẹ́ tèmi, márùn-ún jẹ́ tirẹ̀. Pé kò sọ fún mi kí ọjọ́ tó pé. Àti pé màá tún gbé iṣẹ́ fún un.

Ìbéèrè kan ṣì wà tí oníṣẹ́ kì í rí ìdáhùn rẹ̀. Wọ́n á bi oníbàárà ní ìkọ̀kọ̀ pé, láti òdo dé mẹ́wàá, báwo ló ṣe lè júwe ẹni yìí fún ẹlòmíràn tó. Ìdáhùn yìí wà lára ohun tí Upwork fi ń ṣírò Job Success Score, ìyẹn ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tó máa ń hàn lójú ìwé oníṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ àmì Top Rated, iye yẹn ò gbọ́dọ̀ dín sí 90. Mo mọ àwọn tó ń fi ìràwọ̀ márùn-ún síta, tí wọ́n á wá fi mẹ́fà sí ìkọ̀kọ̀, kí wọ́n lè bá oníṣẹ́ rẹ́rìn-ín lójú. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ọmọ náà á rí i tí iye rẹ̀ ń já, kò sì ní mọ ohun tó máa tún ṣe. Mẹ́sàn-án ni mo fi síbẹ̀, torí mo ti kọ ọ́ síta pé màá tún gbé iṣẹ́ fún un.

Ìwé kejì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. A kọ ọ́ sínú àdéhùn pé iye ọjọ́ tí àfọwọ́kọ mi bá fi pẹ́, òun náà á rí i gbà kún tirẹ̀, àti pé bí ọjọ́ bá fẹ́ yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kó sọ ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú.